Bí ẹ ṣe lè kọ àròkọ lórí ìgbékalẹ̀ àwùjọ àti ìpinnu ẹni, kí ẹ sì dúró síbì kan (mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ Gánà ṣe é)

Ẹ̀yin ọmọ sosiọ́lọ́jì, ẹ ti mọ ìbéèrè yìí: "Ṣé ìgbékalẹ̀ àwùjọ ló ń darí èèyàn, àbí èèyàn ló ń darí ara ẹ̀? Jíròrò." Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ, ojú ìwé méjì fún ti àkọ́kọ́, ojú ìwé méjì fún ìkejì, wọ́n á wá fi gbólóhùn kan parí ẹ̀ pé méjèèjì ló ṣe pàtàkì. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa o, méjèèjì ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Iyàn tó wà nílẹ̀ ni pé èwo nínú méjèèjì ló ṣàlàyé kí ni, àti nígbà wo. Tí ẹ ò bá dáhùn ìyẹn, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Màá fi ọ̀rọ̀ kan tó sún mọ́ wa ṣe é látòkè délẹ̀, ìyẹn àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ ṣòwò ní Góòlù Kóòsì, tó di Gánà lọ́dún 1957, tí wọ́n sì padà wálé ní ìparí ọdún 1969.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí

Ìgbékalẹ̀ àwùjọ, tí àwọn lẹ́kíṣọ́rà ń pè ní sitírọ́kíṣọ̀, ni gbogbo nǹkan tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé, tí kò sì dúró de ìyọ̀ǹda yín: òfin, ààlà orílẹ̀-èdè, bí ẹbí ṣe ń pín ogún, owó tí ilé kan ní tí ilé kejì ò ní. Durkheim ló gbé èrò yìí dúró gan-an nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1895, ó ní àwọn nǹkan kan wà nínú àwùjọ tó wà lóde ara wa, tó sì ń fipá mú wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé wọ́n wà, ẹ gbìyànjú kí ẹ má tẹ̀lé wọn.

Ìpinnu ẹni, tí wọ́n ń pè ní éjénsì, ni agbára tí èèyàn ní láti wo ohun tó wà níwájú ẹ̀, kó mú ọ̀kan, kó sì ní ìdí tó fi mú un. Weber ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí. Ní tiẹ̀, ẹ ò tíì lóye ohun tẹ́nì kan ṣe tí ẹ ò bá mọ ìtumọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ fún un.

Marx ti sọ ọ́ tipẹ́, lọ́dún 1852, pé àwọn èèyàn ló ń ṣe ìtàn ara wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe é bó ṣe wù wọ́n, inú ohun tí àwọn tó ṣáájú fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Gbólóhùn yẹn dáa débi pé gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́ sínú àròkọ, tí wọ́n á sì lọ jókòó. Kò tíì sọ bí a ṣe máa mọ èyí tó wúwo jù níbì kan pàtó.

Méjì tó kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni Giddens àti Margaret Archer. Giddens, nínú ìwé ẹ̀ ti 1984, ní ìgbékalẹ̀ ò dá wà lóde níbì kankan, inú ìṣe wa ojoojúmọ́ ló ń gbé: òfin ọjà wà torí pé àwọn ọlọ́jà tẹ̀lé e láàárọ̀ yìí, tí gbogbo wọn bá jáwọ́, kò sí mọ́. Archer, nínú tiẹ̀ ti 1995, ò gbà. Ó ní tí ẹ bá po méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lè sọ èyí tó ṣáájú mọ́. Ní tiẹ̀, àkókò ni ká fi yà wọ́n: ìgbékalẹ̀ ti wà nílẹ̀, èèyàn dé, ó ṣe nǹkan nínú ẹ̀, ohun tó ṣe yẹn á dá ìgbékalẹ̀ náà sí tàbí kó yí i padà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì bá èyí tó ti yí padà yẹn nílẹ̀. Ti Archer ni mo fara mọ́, ẹ sì máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Àwọn kan á gbé orí àti àyànmọ́ wá, wọ́n á ní ìgbékalẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Orí tí ẹnì kan yàn, tiẹ̀ nìkan ni, ti àbúrò ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbékalẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ wà lábẹ́ ẹ̀, tí àwọn èèyàn bíi tiwa ló ṣe é, tí ẹ sì lè rí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà míì. A máa ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Òwe yẹn dùn, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ Gánà yìí a mọ ẹni tó kọ ọ́, a mọ ọjọ́ tó kọ ọ́.

2. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tó ní ìbéèrè méjì nínú

Ẹ má mú "àwùjọ Nàìjíríà" tàbí "àwọn ọ̀dọ́ òde òní", ó ti gbòòrò jù, ohun tó bá wù yín lẹ lè sọ nípa ẹ̀. Ẹ mú nǹkan tó ní ibi, tó ní ọdún, tó ní àwọn èèyàn tí wọ́n jọra nínú nǹkan kan tí wọ́n sì yàtọ̀ nínú òmíì. Gánà bá a mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé ní ṣókí. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ èèyàn láti àwọn ìlú Yorùbá tó wà lápá òkè, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho, ló gba Góòlù Kóòsì lọ. Ilẹ̀ wa níbí kì í ṣe ilẹ̀ kòkó bíi ti Ìbàdàn àti Oǹdó, owó kòkó ò wọlé síbí bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́hùn-ún, kòkó àti góòlù ti mú kí owó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti ra nǹkan. Ìjọba Bìrìtìkó kan náà ló sì ń ṣàkóso ìlú méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ á ránṣẹ́ pe àbúrò, àbúrò á sìn ín fún ọdún bíi mélòó kan, láìgba owó oṣù, oúnjẹ àti aṣọ ni, ọ̀gá á wá fún un lọ́jà tàbí lówó kó fi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, òun náà á sì ránṣẹ́ sílé pe ẹlòmíì. Bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kún Tamale nìyẹn, tí wọ́n sì tàn ká ọjà kéékèèké lápá àríwá lọ́hùn-ún.

Nígbà tó wá di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gorí àlééfà, kéde pé àjèjì èyíkéyìí tí ò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Ọ̀pọ̀ ò ní ìwé yẹn, ẹlòmíì ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ẹlòmíì ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Wọ́n ta ọjà lówó pọ́ọ́kú, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wálé. Lọ́dún 1970 ni òfin míì tún jáde tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ìtàn yìí, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí pépà. Àkọ́kọ́: kí ló dé tó jẹ́ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì padà lẹ́ẹ̀kan náà? Ìkejì: kí ló dé tí lágbájá fi rí nǹkan gbámú lẹ́yìn ọdún 1969, tí làmọ̀rín ò sì rí?

3. Ìdánwò tó máa gbà yín

Ibí yìí ni gbogbo àròkọ náà dúró lé, torí náà ẹ má sáré kọjá.

Ohun tí gbogbo wọn jọ ní ò lè ṣàlàyé ohun tó mú wọn yàtọ̀. Ohun tó sì yàtọ̀ láàrín wọn ò lè ṣàlàyé ohun tó dé bá gbogbo wọn.

Ó dà bíi pé ó rọrùn, àmọ́ ẹ wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní Àlàbí àti Àjàní jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ló pe àwọn méjèèjì sí Tamale, wọ́n sìn ín, ó fún àwọn méjèèjì lọ́jà. Àlàbí ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kì í sùn. Àjàní fẹ́ràn fàájì. Lọ́dún 1969, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ mọ́tò wálé. Tí ẹnì kan bá ní torí pé Àjàní ò tẹpá mọ́ṣẹ́ ló ṣe pàdánù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹ ní kó wo Àlàbí. Òun tẹpá mọ́ṣẹ́, ó sì pàdánù tiẹ̀ náà. Ìtẹpámọ́ṣẹ́ yàtọ̀ láàrín wọn, pípadà wálé ò yàtọ̀, nítorí náà ìtẹpámọ́ṣẹ́ kọ́ ló dá wọn padà. Òfin ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ìgbékalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo lẹ́yìn tí wọ́n dé. Àlàbí ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé látọdún 1962, ó ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà, ó gba ìyá ìyàwó ẹ̀ níyànjú kó máa fi yàrá méjì gba owó ilé. Àjàní, gbogbo owó ẹ̀ wà nínú ọjà, ọjà yẹn ló sì tà lówó pọ́ọ́kú láàrín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Lọ́dún 1972 Àlàbí ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, Àjàní ń bá èèyàn ta ọjà. Tí ẹnì kan bá ní òfin Gánà ló sọ Àjàní dà bẹ́ẹ̀, òfin yẹn kan Àlàbí náà. Ohun tí wọ́n jọ ní ni. Ẹ gbọ́dọ̀ wá nǹkan míì.

Àmọ́ ẹ dúró o, torí ibí ni àwọn tó yá lẹ́nu ti máa ń ṣubú: wọ́n ti rí ìyàtọ̀, wọ́n á kàn ní "ìpinnu ẹni nìyẹn". Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gbé e fún ìpinnu ẹni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìgbékalẹ̀ míì ló farapamọ́ sínú ìyàtọ̀ yẹn. Ta ni àkọ́bí nínú àwọn méjèèjì? Àkọ́bí ló lè ní ilẹ̀ tí bàbá fún un láti kọ́lé sí. Ṣé ìyá kan náà ló bí wọn, àbí ìyá Àlàbí ní ọjà tiẹ̀ tó lè fi ràn án lọ́wọ́? Ta ló ní ìyàwó tó wà nílé tó lè bójú tó iṣẹ́ bíríkìlà? Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàlàyé ẹ̀ tán, ìgbékalẹ̀ ló ni ín. Tí ẹ bá sì yọ gbogbo wọn kúrò, ó tún ku oríire. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọjà tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ò yan ìyẹn, ó kàn bọ́ sí i ni. Oríire kì í ṣe ìgbékalẹ̀, kì í sì í ṣe ìpinnu ẹni.

Ohun tó ń fi ìpinnu ẹni hàn ni pé ẹni náà rí ọ̀nà míì, ó mọ̀ pé òun lè gbà á, kò gbà á, ó sì ní ìdí. Tí Àlàbí bá ti rí i nínú ọdún 1966 nígbà tí àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah, tó ní "ìlú yìí ò ní pẹ́ yí padà", tó wá dín ọjà kù nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi kún tiwọn, ẹ ti mú un.

4. Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí ní gbólóhùn kan kí ẹ tó kọ nǹkan míì

Ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí báyìí: "Àròkọ yìí yóò jíròrò ìgbékalẹ̀ àti ìpinnu ẹni, yóò sì fi hàn pé méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀." Kò sí ẹni tó lè tako ìyẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò.

Tèmi rèé: "Ìgbékalẹ̀ ló ṣàlàyé ìdí tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi lọ Gánà tí wọ́n sì fi padà lẹ́ẹ̀kan náà; ìpinnu ẹni ló ṣàlàyé apá kan nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrín àwọn tó padà; níwọ̀n bí ìgbékalẹ̀ sì ti máa ń ṣáájú ìpinnu nínú àkókò, kò yẹ ká pò wọ́n pọ̀ bí Giddens ṣe ṣe."

Ó gùn díẹ̀, kò burú. Ẹ rí i pé èèyàn lè tako apá kọ̀ọ̀kan ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìparí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé ìpínrọ̀ yòókù yẹ̀ wò sí i, èyí tí ò bá ràn án lọ́wọ́ tàbí tí ò bá dojú kọ ọ́, ẹ pa á rẹ́, bó ti wù kí ohun tí Durkheim sọ níbẹ̀ dùn tó.

5. Ẹ jẹ́ kí alátakò sọ̀rọ̀ dáadáa

Ẹ má gbé alátakò tí ò lágbára wá kí ẹ wá là á mọ́lẹ̀. Méjì ló lè dà á rú fún wa.

Àkọ́kọ́ á ní: kíkọ́ ilé sílé tí ẹ ń yin Àlàbí fún yẹn, ṣebí àṣà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni tó lọ sẹ́yìn odi tí ò kọ́lé sílé, kí ni wọ́n máa ń pè é? Àṣà ló kọ́lé, kì í ṣe Àlàbí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdáhùn ẹ̀ ti wà nínú ìdánwò wa: àṣà yẹn kan Àjàní náà, ojú ń tì í náà, kò sì kọ́lé. Àṣà ṣàlàyé ìdí tí kíkọ́lé fi jẹ́ ohun tí wọ́n lè rò, kò ṣàlàyé ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Tamale ló kọ́lé sílé, ẹ ti pàdánù kókó yìí, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì tún gbólóhùn yín kọ.

Ìkejì ló le jù, ti Giddens ni. Á ní: ẹ̀wọ̀n "ẹ̀gbọ́n pe àbúrò" tí ẹ pè ní ìgbékalẹ̀ yẹn, ta ló ṣe é? Ṣé kì í ṣe ìpinnu ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan láti ránṣẹ́ sílé ni? Tí gbogbo wọn bá dáwọ́ ìránṣẹ́ dúró lọ́dún kan, ibo ni ìgbékalẹ̀ yẹn wà? Òótọ́ ni, àwọn èèyàn ló ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe àwọn èèyàn kan náà. Àwọn tó lọ ní nǹkan bí 1920 ló la ọ̀nà yẹn, ọmọdékùnrin tó wọ mọ́tò lọ́dún 1955 bá a nílẹ̀ ni, kò ní ọwọ́ kankan nínú ẹ̀. Òfin 1969 náà, kò sí ọlọ́jà kan tó dá sí i, ó bá wọn lójú ọjà ni. Tí ẹ bá fi ọdún sí i báyìí, ohun tó jẹ́ ìpinnu fún ìran kan á di ìgbékalẹ̀ fún ìran tó tẹ̀ lé e, ohun tí Archer ń sọ náà nìyẹn. Ẹ má kàn sọ pé Archer ló sọ ọ́, ẹ fi 1920, 1955 àti 1969 hàn án.

6. Tí ẹ bá fẹ́ lọ bi àwọn àgbà

Ogbó ti dé sí àwọn tó wá láti Gánà, àmọ́ wọ́n ṣì wà nílùú. Ẹ má bi wọ́n pé "Bàbá, kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rere?" Bàbá kan níwájú ilé wọn lápá Tákíé dá mi lóhùn pé "Ọlọ́run ni, èmi náà ò sì sùn." Kò sóhun téèyàn lè fi ìyẹn ṣe nínú àròkọ. Ìgbà tí mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wá pàdé yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀?" ni wọ́n fi ọwọ́ sí àgbọ̀n, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ni, pé igbá ọjà ló gbé lé àwọn lórí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ò tiẹ̀ tíì gbọ́ èdè. Ìyàwó wọn jókòó nítòsí, ó ní, "Èmi ńkọ́? Ẹ ò bi mí pé ta ló pè mí."

Irú ìbéèrè tó dáa ni: ọjà ta lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Nígbà wo lẹ gba tiyín? Nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ sìn, ta ni ò gba tiẹ̀, kí ló dé? Lọ́sẹ̀ méjì yẹn, kí lẹ kọ́kọ́ tà, kí lẹ ò tà? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń gbé ìdí jáde, torí wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rò, wọ́n á sì sọ ohun tí aládùúgbò ṣe tó yàtọ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ṣe rere máa ń ka gbogbo ẹ̀ sí ọgbọ́n orí ẹ̀, ẹni tí ò ṣe rere máa ń ka gbogbo ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹ bi àwọn méjèèjì.

7. Ìparí àròkọ

Ẹ má tún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ sọ. Ẹ sọ ibi tí ipò yín ò dé. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó bàbá yẹn sọ ni. Ẹ̀wọ̀n "ẹ̀gbọ́n pe àbúrò" tí mo fi ṣe gbogbo àlàyé yìí, ti ọkùnrin ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin bá ọkọ lọ ni, wọ́n sì dá òwò tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, ọjà wọn yàtọ̀ sí ti ọkọ, owó wọn náà yàtọ̀, kò sì sí ọ̀gá tó fún wọn lọ́jà lẹ́yìn ìsìn. Tí ẹ bá fi àwọn obìnrin ṣe ìdánwò apá kẹta yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìpín tó máa kan ìpinnu ẹni pọ̀ ju èyí tí mo fún un lọ, tàbí kó jẹ́ pé ìgbéyàwó ló máa gba ipò ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ìyẹn ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì fi pépà sílẹ̀.